“Ó Mọ́ Bí Owó Tuntun” Kò Tó: Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Àléébù Fóònù Àlòkù Kí Ọjà Má Di Ìjà

Àkọsílẹ̀ ètò ọ̀sẹ̀ yìí rèé, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ fóònù àlòkù ni tòní, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ rà á ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ tà á ni. Ó lè jẹ́ fóònù ọwọ́ yín kan ṣoṣo lẹ fẹ́ tà, kí ẹ lè fi owó rẹ̀ kún ti òmíràn. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ máa ń kó tòkunbọ̀ láti Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà, tí ẹ ń tà á lórí Jíjì, lórí Fesibúùkù tàbí lórí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù yín. Èyí tó wù kó jẹ́, ibì kan náà ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: inú ìlà méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ kọ sábẹ́ àwòrán fóònù náà.

Ẹ wo irú ohun tí a máa ń kọ: “Àìfóònù 11, gíìgì 64, tòkunbọ̀, ó mọ́ bí owó tuntun, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kò ní wàhálà kankan.” Gbogbo wa la ti ka irú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí gbólóhùn yìí máa ń fà, lẹ́yìn náà ká tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibi tí “mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá” ti ń dá wàhálà sílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ní Ìbàdàn ni ẹni tó ń ta fóònù yìí wà, tí ẹni tó rà á sì wà ní Ìlọrin. Owó ti wọlé, fóònù ti gba gáréèjì lọ, ó ti dé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí Wásáàpù:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́ sà. Fóònù ti dé ọwọ́ mi, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán lápá ibi kámẹ́rà.”

“Àbúrò, èyí tó sán yẹn kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.”

“Ẹ ò sọ fún mi pé ó sán sà. Ẹ ní kò ní wàhálà kankan.”

“Ṣé sísán yẹn dí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ni? Kò sí wàhálà kankan lára fóònù yẹn.”

Ẹ kíyè sí i pé kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n tó tà á ti yọ máàkì kan kúrò nítorí gíláàsì ẹ̀yìn tó sán, òun nìkan ló sì mọ ohun tó torí rẹ̀ yọ ọ́. Àbúrò tó rà á rò pé máàkì kan tó dín yẹn jẹ́ torí pé fóònù náà kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n sọ pé “kò ní wàhálà”, iṣẹ́ tí fóònù ń ṣe ló ní lọ́kàn. Nígbà tí àbúrò ka “kò ní wàhálà”, gbogbo fóònù náà, tinú tòde, ló ní lọ́kàn. Oníkálukú ló ń wọn nǹkan pẹ̀lú òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ta fóònù àlòkù lókè òkun máa ń lo lẹ́tà, bíi A, B àti C. Lẹ́tà náà dára, àmọ́ ìtumọ̀ tí ilé iṣẹ́ kan fún A lè yàtọ̀ sí ti òmíràn, torí kò sí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń lò. Nítorí náà, tí ẹ bá kọ “Gíréèdì A” láìsọ ohun tí A túmọ̀ sí lọ́dọ̀ yín, kò yàtọ̀ sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ohun tó ń pa ìjà ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó rà á lè fi ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ wò nígbà tí fóònù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni, kì í ṣe ọ̀kan

Tí ẹnì kan bá béèrè pé, “Báwo ni fóònù yẹn ṣe rí?”, ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìrísí: báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí lójú àti lọ́wọ́? Ìkejì ni iṣẹ́: kí ló ń ṣe, kí ni kò ṣe? Ìkẹta ni ìtàn: ṣé wọ́n ti tú u rí, kí ni wọ́n sì pààrọ̀ nínú rẹ̀?

Ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì. Fóònù lè mọ́ lójú bí ẹyin, kó jẹ́ pé síkírínì tí wọ́n pààrọ̀ ló jẹ́ kó mọ́ bẹ́ẹ̀. Òmíràn lè ti họ káàkiri, kó má sì sí ẹnì kankan tó tú u rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ẹni tó fẹ́ràn èkejì yìí pọ̀ lóde. Tí ẹ bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú nọ́ńbà kan, ẹ ti gba ẹ̀tọ́ yíyàn lọ́wọ́ oníbàárà nìyẹn, inú sì máa bí i nígbà tó bá mọ̀.

Ìrísí: èékánná yín ni òṣùwọ̀n

Kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ bọ́ páọ̀ṣì, kí ẹ sì ṣí gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú fóònù. Ìdí rẹ̀ ni pé gíláàsì yẹn lè bo ojú tó sán mọ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì lè sán kí oníbàárà rò pé síkírínì ló sán. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí ẹ sì lọ sẹ́nu fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ tí ẹ fi mú fóònù náà síwájú, kí ẹ wo ohun tó hàn láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fà á súnmọ́ ojú, kí ẹ sì fi èékánná gba orí ìlà tó bá họ kọjá jẹ́jẹ́. Tí èékánná kò bá kọ́ nínú ìlà náà, òkè ló wà. Tó bá kọ́, ó ti jinlẹ̀ nìyẹn, kò sì sí bí ẹ ṣe máa nù ún tó máa lọ. Ìdánwò kékeré yìí dára torí pé ẹni tó wà ní Ìlọrin náà ní èékánná. Ohun tí ẹ rí ni òun náà máa rí.

Láti ibẹ̀, ẹ lè fún lẹ́tà ní ìtumọ̀. Èyí tí mo máa ń dábàá rèé, ẹ lè mú un lò bó ṣe wà. A ni pé kò sí ohun tó hàn tí ẹ bá na ọwọ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí èékánná kì í kọ́ sí nìkan ló sì wà tí ẹ bá fà á mọ́ra. B ni pé ìlà híhọ máa ń hàn nígbà tí síkírínì bá kú, àmọ́ kì í hàn mọ́ nígbà tí ẹ bá tàn án, ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lè ti ṣí díẹ̀. C ni pé ìlà kan wà tí èékánná ń kọ́ sí, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú níbì kan, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó sán. D ni pé nǹkan kan ti sán, bó ti wù kó kéré mọ.

Àwọn kan máa ń ṣe ìṣirò àárín: ojú jẹ́ A, ẹ̀yìn jẹ́ D, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pè é ní B. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ibì kankan lára fóònù yẹn tó jẹ́ B. Ẹ fún apá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: ojú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn. Tí ibi tí ẹ ti ń polówó bá ní lẹ́tà kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ, apá tó burú jù lọ ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹni tó ń retí D tó wá rí ojú tó mọ́ kò ní bá yín jà.

Iṣẹ́: ẹ kọ “mo dán an wò”

“Gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́” jẹ́ ìlérí tó tóbi ju ohun tí ẹ mọ̀ lọ. Ẹ tíì lè má fi fóònù yẹn gba ohùn sílẹ̀ rí. Ohun tó dáa ni kí ẹ dán nǹkan wò, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ dán wò àti ọjọ́ tí ẹ dán an wò.

Kò gba àkókò púpọ̀. Ẹ pe ẹnì kan, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ létí, kí ẹ tún gbé e sí ohùn òde. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ kí ẹ sì gbọ́ ọ. Ẹ ya àwòrán pẹ̀lú kámẹ́rà iwájú àti kámẹ́rà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ mi wáyà rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó ń já. Ẹ fi ìka di àmì áàpù kan mú, kí ẹ sì wọ́ ọ gba gbogbo ojú síkírínì kọjá láti igun dé igun. Tó bá já bọ́ níbi kan náà léraléra, ibẹ̀ kò gbọ́ ìka mọ́. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Sámúsọ́ǹgì, tí ẹ bá tẹ `*#0*#` níbi tí ẹ ti ń tẹ nọ́ńbà ìpè, ojú ewé ìdánwò kan máa ṣí. Ó máa jẹ́ kí ẹ tan síkírínì ní pupa, ewé àti búlúù, níbi tí ìlà, àmì dúdú tàbí òjìji àwòrán àtijọ́ kò ti lè fara pa mọ́.

Bátìrì ló wá kù, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú apá yìí. Lórí àìfóònù, ẹ lọ sí `Settings`, lẹ́yìn náà `Battery`, kí ẹ wo `Battery Health`. Nọ́ńbà `Maximum Capacity` tí ẹ máa rí níbẹ̀ kì í ṣe iná tó wà nínú bátìrì lọ́wọ́lọ́wọ́. Ohun tó ń sọ ni iye iná tí bátìrì náà ṣì lè gbà tí ẹ bá fi wé ìgbà tó wà ní tuntun. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé bátìrì àìfóònù 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ yẹ kó ṣì lè gba 80 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba iná ní kíkún nígbà 500. Nítorí náà, 81 kì í ṣe àléébù tó ń tini lójú. Ẹ kàn kọ ọ́ ni.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún 100. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yí nọ́ńbà yìí padà, oníbàárà tó gbọ́n sì ti mọ̀. Tí fóònù tó ti lò ju ọdún mẹ́ta lọ bá ń fi 100 hàn, ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì tàbí pé wọ́n ti yí nọ́ńbà. Tí ẹ bá mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ kọ pé bí ẹ ṣe rà á nìyẹn.

Ìtàn: fóònù fúnra rẹ̀ lè sọ ọ́

Apá yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò, torí wọ́n gbà pé oníbàárà kò ní mọ̀. Àìfóònù á sì máa sọ ọ́ fún un. Láti iOS 15.2 lọ sókè, ẹ lọ sí `Settings`, `General`, `About`. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ nǹkan nínú fóònù náà, àkọlé `Parts and Service History` lè hàn níbẹ̀. Lórí àìfóònù 11, ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa bátìrì àti síkírínì. Láti àìfóònù 12, ó fi kámẹ́rà kún un. Tí ohun tí wọ́n fi pààrọ̀ bá jẹ́ ojúlówó, ó máa kọ `Genuine Apple Part`. Tí kò bá dá a mọ̀, ó máa kọ `Unknown Part`.

Ẹ yàwòrán ojú ewé yẹn, kí ẹ sì fi sínú ìpolówó yín. Ẹni tó bá rí `Unknown Part` nínú àwòrán yín kó tó sanwó ti gbà á mọ́ iye owó náà. Ẹni tó bá rí i fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tó ti sanwó máa gbà pé ẹ rẹ́ òun jẹ ni, bí síkírínì náà bá tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ohun kan tún wà tó ń bá síkírínì tí wọ́n pààrọ̀ rìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, `True Tone`, ìyẹn ètò tó ń mú kí àwọ̀ síkírínì bá ìmọ́lẹ̀ àyíká mu, kì í sí mọ́ nínú `Settings`. Tí kò bá sí lórí fóònù tó yẹ kó ní in, ẹ kọ ọ́. Àmọ́ tó bá wà, ìyẹn kò fi hàn pé síkírínì náà jẹ́ ojúlówó, torí àwọn tó ń tún fóònù ṣe lè gbé dátà síkírínì àtijọ́ sórí tuntun kí ó lè máa hàn.

Kí ẹ tún kọ ibi tí ẹ ti rí fóònù náà: ṣé tòkunbọ̀ ni, àbí Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti lò ó? Oṣù mélòó ló lò lọ́wọ́ yín? Òfin ọdún 2018 tó dá lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ní Nàìjíríà sọ pé ẹni tó ń ṣòwò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn kedere tí ọjà tó ń tà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe. Nítorí náà, tí òwò yín bá ni èyí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àlòkù pa mọ́.

Bí a ṣe ń kọ àléébù kan ṣoṣo

Ní báyìí, ẹ ti rí àléébù náà. Báwo lẹ ṣe máa kọ ọ́? Ohun mẹ́rin ni kó wà nínú gbólóhùn náà: ibi tó wà, bó ṣe tóbi tó, ìgbà tó máa ń hàn, àti ohun tó dí lọ́wọ́ tàbí tí kò dí lọ́wọ́.

Ẹ fi “ẹ̀yìn rẹ̀ sán díẹ̀” wé èyí: “Gíláàsì ẹ̀yìn sán lábẹ́ kámẹ́rà. Ìlà kan ni, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ó hàn kedere tí ẹ bá bọ́ páọ̀ṣì, ẹ sì máa mọ̀ ọ́n tí ẹ bá fọwọ́ gbá a. Kò dé ojú kámẹ́rà, àwòrán kò sì yàtọ̀.” Àkọ́kọ́ ń tọrọ àforíjì. Èkejì ń fún ẹni tó wà níbòmíràn ní ohun tó lè fi ojú inú wò. “Díẹ̀” kò ní gígùn, sẹ̀ǹtímítà 2 ní in.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kẹrin o, torí ibẹ̀ la ti sábà máa ń ṣèlérí ju ẹ̀rí ọwọ́ wa lọ. “Kò dé ojú kámẹ́rà” jẹ́ ohun tí ẹ rí. “Kò lè fa wàhálà kankan lọ́jọ́ iwájú” jẹ́ ohun tí ẹ kò mọ̀. Gíláàsì tó ti sán lè sán sí i, omi sì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ ká tún ìpolówó yẹn kọ

A ti padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn. Fóònù náà kò yí padà. Ohun tó kọ nìkan ló yí padà:

> Àìfóònù 11, dúdú, gíìgì 64. Tòkunbọ̀ ni, mo rà á ní Ìkẹjà, oṣù mẹ́jọ ló lò lọ́wọ́ mi.
>
> Ìrísí: ojú B, ẹ̀gbẹ́ C, ẹ̀yìn D. Ojú ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí kì í hàn tí síkírínì bá wà ní títàn, èékánná kì í kọ́ sí wọn. Igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ti tẹ̀ wọnú, ó tó orí ọ̀pá ìṣáná. Gíláàsì ẹ̀yìn sán lábẹ́ kámẹ́rà, sẹ̀ǹtímítà 2, kò dé ojú kámẹ́rà. Ẹ wo àwòrán kẹrin àti ìkarùn-ún.
>
> Iṣẹ́: mo dán ìpè, ohùn òde, gbígba ohùn sílẹ̀, kámẹ́rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Face ID, Wi-Fi àti ṣájà wò ní àárọ̀ òní, gbogbo wọn dáhùn. Maximum Capacity bátìrì jẹ́ 81. Tí mo bá ń lo dátà látàárọ̀, mo máa ń tún un ṣájì ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán.
>
> Ìtàn: wọ́n ti pààrọ̀ síkírínì kí n tó rà á. Unknown Part ló kọ, True Tone kò sí. Mi ò tú u rí. Mi ò mọ̀ bóyá omi ti wọ̀ ọ́ rí kó tó dé ọwọ́ mi. Ẹ má kì í bọ omi.
>
> Mo ti yọ ọ́ kúrò lórí àkáǹtì mi. Carrier Lock kọ No SIM restrictions.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí “ó mọ́” níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Àwọn kan máa kọjá lọ, òótọ́ ni. Àwọn tí wọn ò bá fẹ́ síkírínì tí wọ́n pààrọ̀ máa lọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí àwọn gan-an ni wọn ì bá dá fóònù padà. Èyí tó kù lè ní kí ẹ dín owó. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ kọ́kọ́ fẹ́ gba ₦230,000, tí ẹ wá gba ₦215,000 nítorí àléébù wọ̀nyí. Ẹ ti pàdánù ₦15,000 lójú. Ṣùgbọ́n tí fóònù bá lọ sí Ìlọrin tó tún padà, owó gáréèjì àlọ àtàbọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ì bá fi tà á fún ẹlòmíràn ti lọ, àwòrán ìjíròrò yín sì lè ti dé inú gúrúùpù Wásáàpù mélòó kan.

Àwòrán tó bá ọ̀rọ̀ mu

Àléébù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kọ yẹ kó ní àwòrán tirẹ̀, kí ẹ sì sọ àwòrán wo ni. Ẹ ya ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà tó kú, torí ìgbà yẹn ni ìlà híhọ ń hàn, àti ìgbà tó tàn pẹ̀lú àwòrán funfun, torí ìgbà yẹn ni òjìji àti àmì dúdú ń hàn. Fún ibi tó sán, ẹ gbé síìmù kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gígùn síìmù kékeré tí ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ń lò kò ju mìlímítà 12.3 lọ, gbogbo ènìyàn ló sì mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ má fi ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà ya ohun tó ń dán. Ó máa ń pa ìlà rẹ́, oníbàárà sì máa rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ohun tí ẹ kò mọ̀, àti ọjọ́ tí ẹ fún un

Ẹ padà wo “mi ò mọ̀ bóyá omi ti wọ̀ ọ́ rí”. Ìlà yẹn kì í ba ọjà jẹ́. Ó ń sọ ibi tí ìmọ̀ yín dé. Nínú ihò síìmù àìfóònù, àmì kékeré kan wà tó máa ń funfun tàbí kó ní àwọ̀ fàdákà, tó sì máa ń di pupa tí omi bá kàn án. Ẹ lè fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí. Ṣùgbọ́n tí kò bá tilẹ̀ pupa, ẹ má kọ pé omi kò wọ̀ ọ́ rí. Ẹ kọ pé “àmì omi inú ihò síìmù kò pupa”, kí ẹ sì dúró síbẹ̀.

Kí owó tó wọlé, ẹ fi àdéhùn ìyẹ̀wò kún un. Wákàtí 48 látìgbà tí fóònù bá dé máa ń tó fún oníbàárà láti dán gbogbo ohun tí ẹ kọ wò. Ẹ kọ ohun tó lè mú kí ẹ gbà á padà àti ẹni tó máa san owó gáréèjì. Èyí tó bọ́gbọ́n mu ni pé tí fóònù bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kọ, ẹ̀yin lẹ máa san án. Tó bá jẹ́ pé ọkàn oníbàárà ló yí padà, òun ló máa san án.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ tẹ `*#06#` kí nọ́ńbà IMEI hàn. Ẹ wá ya fídíò kan láìdánu dúró: nọ́ńbà yẹn, ojú, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yìn, títí dé ìgbà tí ẹ bá dì í sínú páálí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà nìkan. Ẹ má gbé IMEI odidi sórí ìpolówó tí gbogbo ayé ń rí, torí àwọn oníjìbìtì lè fi ṣe ìpolówó èké tiwọn.

Ṣé ìjà kò ní ṣẹlẹ̀ rárá ni? Ó ṣì lè ṣẹlẹ̀. Páálí lè já bọ́ lójú ọ̀nà, ṣájà burúkú sì lè ba nǹkan jẹ́ ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé, tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ ti ní ohun tí ẹ̀yin méjèèjì lè jọ wò. “Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣí ìlà kejì, ẹ wo àwòrán kẹrin. Ṣé èyí tó sán nìyẹn àbí òmíràn ni?” Tó bá jẹ́ èyí tí ẹ kọ ni, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Tó bá jẹ́ òmíràn, fídíò máa sọ bóyá ọ̀dọ̀ yín ló ti sán tàbí lójú ọ̀nà. Nínú méjèèjì, kò sí ẹni tó ń jiyàn lórí ohun tí “díẹ̀” túmọ̀ sí.

Tí ẹ bá ní fóònù kan tí ẹ fẹ́ tà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ ìpolówó rẹ̀ ní apá mẹ́ta yẹn, kí ẹ sì fún ẹnì kan tí kò rí fóònù náà rí kà. Ẹ ní kó ṣàpèjúwe ibi tó ti bàjẹ́ fún yín. Ohun tó bá ṣì sọ ni ẹ ní láti tún kọ kí ẹ tó gbé e jáde. Ó tán lẹ́nu mi fún tòní. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.